Lẹ́tà Ọmọ Tí Ó Ní Òun Kò Ṣiṣẹ́ Rí

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a bá ara wa sọ nípa àwọn ọmọ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, tí wọ́n sì ń kọ lẹ́tà láti wọ ètò ìkọ́ṣẹ́ tí àwọn báǹkì àti ilé iṣẹ́ ńlá máa ń ṣe fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè. Bí ènìyàn bá ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá, bí ẹni ń ka ẹyọ kan ṣoṣo ni. Gbogbo wọn ni wọ́n ń sọ pé: “Lóòótọ́ n kò ní ìrírí, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kára ni mí, mo sì jẹ́ olóòótọ́.” Èrò tiwa ni pé gbólóhùn yìí ń ba ọmọ wa jẹ́ lójú ẹni tí yóò gbà á síṣẹ́, àti pé fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí ọjà Sàbón Gàrí yìí, kì í tilẹ̀ ṣe òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ètò náà jẹ́. Ilé iṣẹ́ yóò kó àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jọ, yóò kọ́ wọn ní iṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, yóò máa san owó díẹ̀ fún wọn, yóò sì dán wọn wò kí ó tó gbà wọ́n pátápátá. Yúnílífà ní irú rẹ̀, báǹkì Áksẹ́sì náà ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ tí àwọn tuntun ń gbà kọjá. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ka lẹ́tà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ náà kò ṣiṣẹ́ báǹkì rí. Bí ó bá ti ṣe é rí, kò yẹ kí ó wá síbẹ̀. Kí ni ìdí tí a ó fi máa tọrọ àforíjì fún ohun tí wọn kò bèèrè? Ohun tí wọ́n ń wá ni àmì pé a lè fi owó, ìwé àti ènìyàn sí ìkáwọ́ ọmọ náà, kí ó má bà á jẹ́.

Kí ọmọ tó mú kálámù rárá, kí ó ka ìkéde náà dé ìsàlẹ̀. Àwọn ìlẹ̀kùn kan wà tí lẹ́tà kò lè ṣí. Wọ́n máa ń bèèrè irú ipò tí ọmọ fi gboyè, ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀, kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, àti ọjọ́ orí. Ọ̀pọ̀ báǹkì kì í gba ẹni tí ó ti ju ọdún 26 lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye náà yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Níhìn-ín ni àwọn òbí kan ti ń ti ọmọ lọ sí kóòtù láti lọ búra fún ọjọ́ orí tuntun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ọjọ́ ìbí ọmọ náà wà nínú ìwé Wáẹ́ẹ̀kì, ó wà nínú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ó sì wà nínú nọ́ńbà tí báǹkì fi mọ olúkúlùkù oníbàárà. Tí wọ́n bá tò wọ́n síra, tí ọ̀kan yàtọ̀, ọmọ tí ì bá rí iṣẹ́ níbòmíràn yóò di ẹni tí a mọ̀ sí onírọ́.

Nísisìyí ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ kan bí àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Ọmọbìnrin ni, ó gboyè nínú ètò ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Bayero. Ìyá rẹ̀ ń ta tòmátò alágolo, mílíìkì àti ṣúgà ní ọ̀pọ̀ ní ọjà wa yìí. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá, inú ìsọ̀ ni ọmọ yìí wà. Nínú lẹ́tà tí ó kọ́kọ́ kọ, ìlà kan ṣoṣo ni ó fi sọ nípa oṣù mẹ́jọ náà, pé òun “ran ìyá òun lọ́wọ́.” Ìyẹn kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a bi í pé kí ni ó ṣe gan-an, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìyá rẹ̀ ní ìwé àwìn kan tí orúkọ kún inú rẹ̀ ràì-ràì. Oníbàárà 58 ni ó jẹ owó, àpapọ̀ gbèsè náà sì jẹ́ 1,840,000 náírà. Ọmọ náà kò kàn ka owó náà. Ó tò ó gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí gbèsè: èyí tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọjọ́, èyí tí ó wà láàárín ọgbọ̀n sí ọgọ́ta, àti èyí tí ó ti ju ọgọ́ta lọ. Ìgbà náà ni ó rí i pé ènìyàn 21 péré ni gbèsè wọn ti pẹ́ ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni 1,150,000 náírà wà. Ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bá àwọn tí kò lè san tán lẹ́ẹ̀kan náà ṣe àdéhùn ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, ó sì bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó má ṣe tún tu ọjà tuntun fún ẹni tí gbèsè rẹ̀ ti ju oṣù kan lọ. Kí yunifásítì tó ṣílẹ̀kùn padà, 780,000 náírà ti wọlé nínú èyí tí ó ti pẹ́ náà. 370,000 tó kù kò tíì wọlé.

Ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí ọmọ yìí ṣe ni ohun tí báǹkì ń ṣe sí gbèsè tirẹ̀ lójoojúmọ́: láti mọ èyí tí ó ti pẹ́, kí a sì lọ bá ẹni tí ó jẹ ẹ́ kí ó tó di òkú gbèsè. Nítorí náà, lẹ́tà kejì sọ ọ́ báyìí, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́: “Ní 2022, mo tọ́jú ìwé àwìn ìsọ̀ ìyá mi ní ọjà Sàbón Gàrí fún oṣù mẹ́jọ. Mo to gbèsè oníbàárà 58 gẹ́gẹ́ bí ó ti pẹ́ sí, mo sì gba 780,000 náírà padà nínú 1,150,000 tí ó ti ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ.” Gbólóhùn méjì péré ni. Wọ́n sọ iṣẹ́ tí a ṣe, wọ́n sọ iye, wọ́n sì sọ ibi tí ó yọrí sí. Kò tún sí ìdí láti sọ pé “mo jẹ́ olóòótọ́.”

Bí a ṣe lè mọ gbólóhùn tó dára ni pé kí ẹnì kan bi ọmọ náà léèrè lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Báwo ni o ṣe mọ̀ pé gbèsè yìí ti pẹ́? Kí ni o sọ fún ẹni tí ó bínú? Èwo ni kò wọlé, kí ló dé? Ẹni tí ó ṣe é yóò dáhùn láìwo òkè. Ẹni tí ó yá ìlà náà láti inú lẹ́tà ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ fi ìràwọ̀ kún un. 370,000 tí kò wọlé náà wúlò, nítorí ó jẹ́ kí a gba 780,000 gbọ́.

Ojú ewé kan ṣoṣo tó fún lẹ́tà náà. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ yóò dárúkọ ètò náà àti nọ́ńbà tí ó wà nínú ìkéde. Ìkejì yóò sọ iṣẹ́ kan bí irú èyí tí a sọ lókè. Ìkẹta lè sọ nípa ọdún àgùnbánirọ̀: bí wọ́n bá rán ọmọ lọ kọ́ni ní ìṣirò ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kí ó sọ iye kíláàsì, iye ọmọ, àti ohun tí ó yí padà nínú máàkì wọn. Ìgbẹ̀yìn yóò sọ ìdí tí ó fi jẹ́ ilé iṣẹ́ yìí ni ó yàn. Kí ó má ṣe fi “mo fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín” parí rẹ̀. A mọ̀ pé ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí a fi tọ́ wọn, ó sì dára nílé. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà iṣẹ́, ẹ̀bẹ̀ a máa gba àyè ọ̀rọ̀ tí ó ní ìwúwo.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọmọ wa máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ẹrù tó wúwo jù lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tí a bí sí Sàbón Gàrí ń fi Yorùbá bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń fi Háúsá ra ọjà, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé. Báǹkì tí ó ní ẹ̀ka ní Kánò ń wá ẹni tí yóò jókòó ti oníṣòwò aṣọ ní Kántìn Kwárì, tí yóò sì yé e. Síbẹ̀, nítorí pé fọ́ọ̀mù bèèrè ìpínlẹ̀ tí bàbá ti wá, ọmọ náà yóò kọ Ọ̀yọ́ tàbí Kúwárà síbẹ̀, kò sì ní sọ pé Kánò ni wọ́n bí òun sí. Kí ó kọ ìpínlẹ̀ bàbá rẹ̀ bí wọ́n ti bèèrè, kí ó sì sọ ti Háúsá nínú lẹ́tà, pẹ̀lú ohun tí ó fi ṣe.

Àwọn kan yóò ní, “Ta ni yóò ka gbogbo èyí? Ẹni tí ó bá ní ènìyàn nínú lọ́hùn-ún ni yóò wọlé.” A kò ní sọ pé irú rẹ̀ kò sí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn lẹ́tà ni ìdánwò ìṣirò àti ti èdè, èyí tí wọ́n ń fi aago wọ̀n, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹni tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀ kò lè bá ọmọ jókòó síbi ìdánwò. Lẹ́tà pàápàá kò lè ṣe ìyẹn, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí wọ́n pe ọmọ náà wá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí ọmọ tó wọlé, ẹ mọ̀ pé gbájú-ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìsọ̀, ọwọ́ yín ni èyí tó kù wà. Àwọn kan nínú yín kì í fẹ́ kí ọmọ tó kàwé dárúkọ ìsọ̀, nítorí wọ́n rò pé ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ a sì máa ní kí ọmọ gbé ọjà, kí ó gbá ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ìwé àwìn. Bí ilé-ìwé bá tún padé, ẹ fún un ní ìwé náà. Ẹ jẹ́ kí ó tò ó, kí ó gba gbèsè, kí ó sì kọ iye tó wọlé àti ọjọ́ tó wọlé sílẹ̀. Ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tí yóò kọ lẹ́tà, nítorí ohun tí a kò ṣe ní ìgbà náà, kò sí bí a ṣe lè kọ ọ́ láìpurọ́.