Bí Ọ́fíìsì Ìgbàwọlé Bá Dákẹ́

Ká ní ọmọ kan ní Tàmálẹ̀ kọ ímeèlì sí yunifásítì lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, tí ọ̀sẹ̀ méjì sì kọjá láìsí èsì. Kó má bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tuntun. Orí ti àkọ́kọ́ ni kó ti fèsì, kí akọ̀wé lè rí ọ̀rọ̀ àná lábẹ́ tòní. Kó kọ orúkọ àti nọ́ńbà fọ́ọ̀mù rẹ̀ sí àkọlé. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń wá fáìlì. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tí yóò sọ nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́. Mo kọ̀wé sí yín lọ́jọ́ 3 oṣù yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé èsì Wáẹ́ẹ̀kì mi ti dé ọ̀dọ̀ yín? Mo fi ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ìwé yìí. Mo ní láti sanwó ilé gbígbé kó tó di ọjọ́ 30, ìdí nìyẹn tí mo fi tún yọ yín lẹ́nu. Ẹ ṣeun.”

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “rárá” sì tó láti dáhùn rẹ̀. Bó bá kó márùn-ún jọ, akọ̀wé yóò ní òun ń bọ̀ wá dáhùn, ó di gbére. “Ẹ ò dá mi lóhùn látọjọ́ yìí” ńkọ́? Ẹjọ́ nìyẹn, kì í ṣe ìbéèrè. Nọ́ńbà àṣírí tó fi ra fọ́ọ̀mù kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá tún kọjá, kó tẹ lẹ́tà náà sórí ìwé, kó mú un lọ sí ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ láàárọ̀.