Ẹ Máàkì Olùkọ́ Bí Ẹ Ṣe Ń Máàkì Ọmọ

Bí olùkọ́ kan bá béèrè ìlú bàbá akẹ́kọ̀ọ́, tó sì torí ìyẹn fi máàkì kún ti ọmọ náà, gbogbo òbí ni yóò lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ la ṣe ń gba àwọn olùkọ́ fúnra wọn síṣẹ́.

Mo ti jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Olùkọ́ ìṣirò la ń wá. A bi ọkùnrin kan ní ìlú rẹ̀; ọmọ ìlú alága wa ni, ni ẹ̀rín bá bẹ̀rẹ̀. A bi obìnrin tó tẹ̀lé e bóyá ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kò ní dí i lọ́wọ́. Ọkùnrin náà la gbà; a ní ọkàn wa fà sí i. Kí sáà kejì tó parí, àwọn ọmọ ti ń sá fún kíláàsì rẹ̀. Èmi náà nawọ́ sókè fún un, ìdí nìyí tí n kò fi lè dákẹ́.

Ẹ kọ ìbéèrè márùn-ún sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, kí gbogbo rẹ̀ ti inú iṣẹ́ náà wá. Ẹ bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà, kí ẹ má yí bí wọ́n ṣe tò padà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí ìdáhùn gbọ́dọ̀ ní kó tó gba máàkì.

Ẹ wo ìbéèrè yìí: "Ọmọ kan kọ ọ́ pé 1/2 + 1/3 = 2/5. Kí lẹ máa ṣe?" Ẹni tó bá ní òun yóò fagi lé e, kí òun sì kọ ìdáhùn tó tọ́, gba 1. Ẹni tó bá ṣàlàyé bí a ṣe ń sọ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ méjèèjì di 6, tí ìdáhùn fi jẹ́ 5/6, gba 3. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní kí ọmọ náà sọ bó ṣe ṣe é, tó fi hàn án pé 2/5 kò tó 1/2 tó fi bẹ̀rẹ̀, kó tó wá kọ́ ọ ní ọ̀nà tó tọ́, gba 5.

Kí oníkálukú kọ máàkì tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ máàkì alága ni gbogbo wa yóò kọ. Bí ẹnì kan bá kọ 1, tí ẹlòmíràn kọ 5, ẹ padà sí ohun tí olùwáṣẹ́ náà sọ gan-an, kì í ṣe sí ẹni tó dàgbà jù nínú yín.

Wọ́n á ní ojú àgbà ń rí ohun tí ìwé kò rí. Ó dáa: kí àgbà sọ ìbéèrè tí ohun tó rí bọ́ sí. Bí kò bá bọ́ sí ìkankan, kò kan iṣẹ́ náà. Bí àròpọ̀ bá sì ti jáde, tí ẹnì kan wá ní ká fi "ìwà" kún un, ojúsàájú ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nìyẹn.

N kò sọ pé ìlànà yìí ń wo gbogbo àrùn. Bí ìbéèrè fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ti ẹni tó mọ òyìnbó í sọ wínníwínní, ojúsàájú ti wà nílé kí olùwáṣẹ́ tó kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà lórí ìwé, gbogbo wa la lè kà á, ká sì tún un ṣe. Ta ló lè tún èyí tó wà nínú ọkàn alága ṣe?