Ẹni tó bá fi àlejò hàn lórí rédíò, òun ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀

Ọ̀rọ̀ òní máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ó kan ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ jẹ́ atọ́kùn ètò lórí rédíò, ó kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé fóònù sókè ṣe lááìfù fún ìjọ, ó sì kan àwa pásítọ̀ tí wọ́n ń pè wá jókòó sí iwájú máìkì.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ rédíò kan pè mí sí ètò ààbọ̀ wákàtí. Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ la fẹ́ sọ. Bí iná pupa ṣe tàn báyìí, atọ́kùn bẹ̀rẹ̀: “Bíṣọ́ọ̀bù àgbà, Dókítà, wòlíì sí àwọn orílẹ̀-èdè, ẹni tí àìsàn ń rí tó ń sá...” Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó dárúkọ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù, n kì í sì í ṣe dókítà kankan. Ojú tì mí, àmọ́ mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, “Ẹ ṣeun púpọ̀.” Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe.

Nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ ìpè, obìnrin kan pè láti Ọ̀kà. Ohùn rẹ̀ balẹ̀, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, “Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń gba ààwẹ̀. Ṣé kí wọ́n dá oògùn wọn dúró títí ààwẹ̀ á fi parí?” Ara mi tutù. Arábìnrin yìí ò béèrè lọ́wọ́ pásítọ̀, ọwọ́ dókítà ló gbà pé òun ti ń béèrè. Ta ló sọ fún un pé dókítà ni mí? Atọ́kùn ni, èmi náà sì fi ẹ̀rín músẹ́ fọwọ́ sí i. Mo wá sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ pé, “Ẹ má bínú, n kì í ṣe dókítà ìṣègùn. Ẹ má jẹ́ kí Màmá fi oògùn sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ bá dókítà tó ń tọ́jú wọn.” Àmọ́ ẹni tó ti pa rédíò rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ yẹn ńkọ́?

Nígbà tá a jáde, mo bi atọ́kùn náà níbi tó ti rí gbogbo oyè yẹn. Ó fi ìwé ìpolówó ìsọjí kan hàn mí, ìwé tí àwọn èèyàn tèmi fúnra wọn tẹ̀. Ẹ ò rí i? Ilé wa ni irọ́ náà ti jáde.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ìfihàn àlejò kì í ṣe oríkì, ẹ̀rí jíjẹ́ ni. Olùgbọ́ rédíò ò rí ojú àlejò, kò rí aṣọ rẹ̀, kò mọ ilé rẹ̀. Gbogbo ohun tó máa fi mọ̀ bóyá kí òun gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ tàbí kí òun má gbà á, inú gbólóhùn mẹ́rin márùn-ún tí atọ́kùn kọ́kọ́ sọ ló wà. Bí ẹni ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹni tó fẹ́ yá owó ló rí. Bí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ onígbọ̀wọ́ ni wọ́n ń padà sí.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí o. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 2006, ó ṣẹlẹ̀ sí BBC ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ẹjọ́ ti dá ẹjọ́ láàárín Apple tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àti Apple Corps, iléeṣẹ́ orin àwọn Beatles. BBC pe akọ̀ròyìn ẹ̀rọ kan, Guy Kewney, pé kó wá ṣàlàyé rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ọkùnrin kan láti Kóńgò Brazzaville, Guy Goma, jókòó sí yàrá ìgbàlejò mìíràn nínú ilé náà. Iṣẹ́ ló wá wá ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wọn. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán pé kó mú àlejò wá gba yàrá tí kì í ṣe òun lọ, ó sì béèrè bóyá òun ni Guy Kewney. Ó gbọ́ “Guy”, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mú un wọ sítúdíò, wọ́n fi máìkì há a láyà, atọ́kùn sì fi í hàn gbogbo ayé pé onímọ̀ nípa ẹ̀rọ ayélujára ni. Ojú tí ọkùnrin náà ṣe nígbà tó gbọ́ orúkọ tí wọ́n pè é, títí dòní làwọn èèyàn ṣì ń wò ó. Ó rò pé ara ìdánwò iṣẹ́ ni, ló bá ń dáhùn ìbéèrè bó ṣe mọ. Kewney gangan sì jókòó síta, ó ń wo ẹlòmíràn lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè. Goma ò rí iṣẹ́ náà gbà.

Níbo ni wọ́n ti ṣì í? Ọ̀pọ̀ á ní yàrá tí òṣìṣẹ́ yẹn ṣì wọ̀ ni. Èmi ní ìbéèrè yẹn ni. Bó o bá bi èèyàn pé, “Ṣé ẹ̀yin ni Lágbájá?”, ìwọ lo ti fi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Ẹni tí ara rẹ̀ ò balẹ̀ á kàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n bi í ni, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lorúkọ yín, kí lẹ sì bá wá síbí?”, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ì bá parí sí. Ẹ wá wò ó: kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń ní kí àlejò sọ nǹkan sínú máìkì kí wọ́n lè mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ sókè tó. Ọ̀pọ̀ á ní kó ka ení, èjì, ẹ̀ta, tàbí kó sọ oúnjẹ tó jẹ láàárọ̀. Ẹ má fi àǹfààní yẹn ṣòfò. Ẹ ní kó sọ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀. Ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń pe orúkọ náà fúnra rẹ̀, ẹ máa mọ oyè tó fẹ́ kí ẹ pè é, ohùn rẹ̀ á sì ti bá máìkì mu. Iṣẹ́ mẹ́ta lẹ fi ìbéèrè kan ṣe yẹn.

Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ọ̀rọ̀ oyè ju ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọba aládé méjì ló wà ní Ìkàrẹ́, Olúkàrẹ́ àti Ọwá Alẹ̀, a sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ta ló ṣíwájú ta ti gbé ìlú wa dé. Èmi ò dá ẹjọ́ kankan níbí o. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí atọ́kùn bá gba ọ̀kan nínú wọn lálejò, tó wá ń fi ìdùnnú ṣe àfikún, tó ní “ọba kan ṣoṣo ìlú yìí” tàbí “olórí gbogbo ọba Àkókó”, ó ti dá ẹjọ́ tí wọn ò gbé síwájú rẹ̀. Ààfin ò tíì sọ gbólóhùn kan, ètò sì ti dàrú. Ohun tó yẹ ni kó gba oyè náà ní kíkọ láti ọwọ́ akọ̀wé ààfin, kó kà á bó ṣe wà lórí ìwé, kó kí Kábíyèsí bó ṣe yẹ ká kí ọba, kó sì dúró síbẹ̀. Bó bá jẹ́ Olúbàkà ti Ọ̀kà ló wá, bákan náà ni. Àfikún ló máa ń dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá fi àlejò kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní agbẹ̀bí kan ń bọ̀ láti Ìwárò Ọ̀kà. Èyí tá a máa ń gbọ́ ni: “Ìyá rere, abiyamọ tòótọ́, àkàndá ẹ̀dá, ẹni tí gbogbo Àkókó mọ̀...” Olùgbọ́ ò tíì mọ ohun tó bá wá. Èmi á sọ ọ́ báyìí: “Aboyún míì ń rí ẹ̀jẹ̀, á sì dúró sílé kó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Àlejò wa lónìí ti ń gbẹ̀bí fún 20 ọdún ní Ìwárò Ọ̀kà. Agbẹ̀bí ni wọ́n, wọn kì í ṣe dókítà, wọ́n sì máa sọ ìgbà tí aboyún ò gbọ́dọ̀ dúró sílé mọ́. Ẹ kú àárọ̀ o, Ìyá Lágbájá.”

Ẹ ka èyí jáde pẹ̀lú aago, kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ. Ẹ wo bó ṣe tò. Ìdí tó fi yẹ kí olùgbọ́ dúró ló ṣáájú. Ohun tí àlejò fi mọ ọ̀rọ̀ náà ló tẹ̀ lé e. Ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ náà wà níbẹ̀, torí kí ẹnikẹ́ni má lọ béèrè ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ ló kẹ́yìn, kí àlejò lè mọ̀ pé òun ló kàn. Àmọ́ atọ́kùn ò sọ ìgbà náà fúnra rẹ̀, torí bó bá sọ ọ́ tán, kí ni àlejò wá ṣe?

Ẹ má sì gbàgbé pé ẹni tó ṣí rédíò rẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò gbọ́ ìfihàn yẹn. Nítorí náà, lẹ́yìn ìpolówó kọ̀ọ̀kan àti kí ẹ tó ṣí ẹ̀rọ ìpè, ẹ tún un sọ ní gbólóhùn kan: ta ni, kí ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tèmi, tí wọ́n ní “pásítọ̀ ni”, arábìnrin Ọ̀kà yẹn ì bá ti mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Wọ́n á ní Yorùbá ni wá, a kì í pe àgbà lórúkọ lásán. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ̀yìn òtítọ́ ni ọ̀wọ̀ ń rìn. “Pásítọ̀ wa, ẹ kú àárọ̀ sà” tó ọ̀wọ̀ fún mi. Bí àlejò bá sì gbọ́ oyè tí kì í ṣe tirẹ̀, kó má dúró de ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn àkọ́kọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni kó jẹ́ àtúnṣe: “Ẹ ṣeun, àmọ́ n kì í ṣe dókítà.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ṣe ìwé ìpolówó fún ìjọ wa, láti òní lọ, orúkọ mi àti “Pásítọ̀” ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ má fi nǹkan kan kún un mọ́.