Ẹni Tó Ṣoore Tó Lóṣòó Tì Í

Ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Kò sí ọmọ Yorùbá tó nílò kí n túmọ̀ ìyẹn fún un. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn ọlọ́jà wa ti ń lóṣòó ti oore báyìí kí wọ́n tó ṣe é rárá, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sórí fóònù wa láàárọ̀ kùtù: “Ẹ̀yin oníbàárà wa àtàtà, ẹ rọ gáàsì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́dọ̀ wa, ẹ gba ìkọkànlá lọ́fẹ̀ẹ́!”

Ibi tí a ti ń rọ gáàsì ládùúgbò wa ló fi èyí ránṣẹ́ sí mi. Sìlíńdà oníkílò 12.5 là ń lò nílé, a kì í sì í gbé e lọ ibòmíràn. Nígbà tí àmì kẹwàá wọ orí káàdì tí wọ́n fi ń ka iye ìgbà tí a rọ gáàsì, ọmọ tó wà nídìí òṣùwọ̀n gbà á wò, ó ní kílò 3 péré ni ọ̀fẹ́ náà. Ó ní ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú nìkan ni wọ́n ń fúnni. Ó tún ní ó yẹ kí a ti pé mẹ́wàá láàárín oṣù méjì. Kò sí ẹyọ kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán sí wa. Oṣù méjì! Irú sìlíńdà bẹ́ẹ̀ ń tó ìdílé kékeré lò fún nǹkan bí oṣù kan. Ẹni tí yóò rọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín oṣù méjì, olóúnjẹ ni, ọjà ló ń dáná fún. Ibẹ̀ gan-an lèèyàn ti lè mọ ìlérí tí kò ní ṣẹ: kí o ṣírò bí ìlò rẹ ojoojúmọ́ yóò ṣe pẹ́ tó kó tó pé iye tí wọ́n dá, kí o wá wo àkókò tí wọ́n fún ọ.

Aládùúgbò mi kan ní ọ̀fẹ́ ṣáà ni, pé kí ni mo ń bínú sí. Ọ̀fẹ́ kọ́. Ìlérí tí mo torí rẹ̀ fi ilé gáàsì méjì sílẹ̀ lójú ọ̀nà ti di gbèsè lọ́rùn ẹni tó ṣe é. Ìyá aláta tó ń bù èènì kò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Ó bù ú lé ata tó o ti sanwó rẹ̀, ó tán. Ẹni tó bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yóò fúnni, kó fúnni bó ṣe kọ ọ́.

Síbẹ̀, nígbà tí mo mú bírò tí mo ṣírò ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé òwe míràn ló di ìdí ẹ̀ mú: ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi owó tó rọrùn ṣe é. Ká ní ọlọ́jà ń ra kílò gáàsì kan ní ₦1,000, tó sì ń tà á ní ₦1,100. Lórí sìlíńdà oníkílò 12.5 kan, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦1,250. Bí mo bá rọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ti jèrè ₦12,500 lórí mi. Èló wá ni òun fúnra rẹ̀ yóò fi ra gáàsì ìkọkànlá tó fẹ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́? ₦12,500. Gbogbo èrè náà ló lọ yẹn, kò tíì san owó ilé, kò tíì ra epo jẹnẹrétọ̀, kò tíì fún ọmọ ìdí òṣùwọ̀n lówó oṣù. Ọlọ́jà náà kò ṣírò kó tó ránṣẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí káàdì ti ń kún ló tó rí ihò tó gbẹ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kílò 3 àti ọjọ́ Ajé dí i.

Ẹni tó ń ta oúnjẹ tàbí tó ń dirun lè ṣe mẹ́wàá-fún-ọ̀kan, kó má sì kú, nítorí èrè ibẹ̀ pọ̀. Bí àwo oúnjẹ tó ń tà ní ₦1,000 bá ná an ní ₦500, mẹ́wàá fún un ní ₦5,000, ọ̀fẹ́ gba ₦500 níbẹ̀. Ti gáàsì kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà ti ṣubú sínú ihò yìí. Ní 1992, ilé iṣẹ́ Hoover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ẹni tó bá ra ọjà àwọn tó tó 100 pọ́n-ùn yóò gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú méjì, àlọ àti àbọ̀. Yúróòpù ni wọ́n kọ́kọ́ ní wọn yóò gbé èèyàn lọ, wọ́n tún wá fi Amẹ́ríkà kún un. Tíkẹ́ẹ̀tì wá níye lórí ju ọjà lọ, àwọn èèyàn sì ń ra ẹ̀rọ tí wọn kò nílò nítorí rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà ń fi ìdíwọ́ sí i kí tíkẹ́ẹ̀tì má baà jáde, àwọn oníbàárà gbé e lọ sílé ẹjọ́. Nǹkan bí mílíọ̀nù 50 pọ́n-ùn ló bá ọ̀rọ̀ náà lọ.

Àṣìṣe kejì wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán sí wa: ìgbà ni wọ́n ń kà, wọn kò ka kílò. Ẹni tó ń ra kílò kan lẹ́ẹ̀kan lè gba àmì mẹ́wàá, kó wá gbé sìlíńdà ńlá wá lọ́jọ́ ọ̀fẹ́. Kílò ni kí wọ́n kà. Bí ènìyàn bá ra kílò 50, èrè ọlọ́jà jẹ́ ₦5,000. Bó bá fún un ní kílò 1, ₦1,000 lọ, ₦4,000 kù. Ó kéré sí ariwo mẹ́wàá-fún-ọ̀kan, mo mọ̀, ṣùgbọ́n yóò tẹ̀ mí lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ni ilé gáàsì náà, ohun tí n óò kọ nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníbàárà wa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, ẹni tó bá ti ra gáàsì tó pé kílò 50 lọ́dọ̀ wa yóò gba kílò 1 lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lè máa rà á díẹ̀díẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ la ó kà. A ó kọ ọ́ sórí káàdì yín, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tiwa pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù yín. Bí káàdì bá sọnù, ìwé wa wà. Ọjọ́kọ́jọ́ tí a bá ṣílẹ̀kùn lẹ lè gbà á. Bí a bá fẹ́ dá a dúró, a ó sọ fún yín ní oṣù kan ṣáájú.”

Gbólóhùn ìgbẹ̀yìn yẹn ni àwọn ọlọ́jà kì í fẹ́ kọ, òun ló sì yẹ kí wọ́n kọ jù, nítorí owó gáàsì kì í dúró sójú kan. Bí owó tí wọ́n ń rà á bá gòkè títí èrè orí kílò fi kù sí ₦20, èrè kílò 50 kò ju ₦1,000 lọ, kílò ọ̀fẹ́ kan yóò sì gbé e mì. Lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má dákẹ́, kí wọ́n má sì fi ọmọ ìdí òṣùwọ̀n ṣe agbẹnusọ. Kí wọ́n ránṣẹ́ pé oṣù kan ló kù, kí wọ́n sì fún olúkúlùkù ní ìwọ̀n ibi tó bá a dé. Ẹni tó ti ra kílò 40, gíráàmù 800 ni tirẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún un.