Iṣẹ́ Ike fún Ẹni tí Kò Fẹ́ràn Ariwo Ọjà

Ẹni tó ń tijú kì í rí ara gba nídìí òwò ní Ajégúnlẹ̀ l'Ékòó. Láti Boundary dé Tolú, ojú títì ni ṣọ́ọ̀bù kọjú sí, oníbàárà ò sì ní sanwó láìnájà. Àwọn òbí a máa sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kó túra ká, kó lanu. Mi ò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ wà tí òṣùwọ̀n ń bá èèyàn nájà níbẹ̀, ọjà ọ̀kan nínú wọn sì kún gọ́tà wa fọ́fọ́: ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ti omi.

Wọ́n ti ń fi ike pawó l'Ékòó tipẹ́. Ní 2012 ni Bilikisu Adébíyìí-Abíọ́lá dá ilé iṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀, tí wọ́n ń gba ike lọ́wọ́ ará àdúgbò. Ní 2019, ìròyìn ilé ìwé Morit International ní Ajégúnlẹ̀ tàn ká, níbi tí òbí ti lè kó ike wá dípò owó ilé ìwé. Wọ́n á wọn ún, iye tó bá tó ni wọ́n á yọ nínú gbèsè ọmọ.

Ipò tí mo rí tó bá onítìjú mu ni ti ẹni tó wà láàárín. Àwọn tí ń ṣa ike á gbé e wá bá a, ilé iṣẹ́ á wá kó o lọ. Kó kọ iye kílò kan gàdàgbà sára pákó, kó gbé e kọ́ síbi òṣùwọ̀n, ọ̀rọ̀ ò ní pọ̀ mọ́. Ìyókù iṣẹ́ náà, òun àti ike ni.

Inú yíyà á sọ́tọ̀ lowó wà. Yí ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò dojú dé, wàá rí kókó kékeré láàárín ìdí rẹ̀ bí ìdodo. Ìyẹn ni ilé iṣẹ́ ń wá, pẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ló bá gba ìdí ike kọjá, irú bíi ti ọ̀pọ̀ ike ọ́ìlì ọkọ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn, má dà á pọ̀. Èyí tó léwu jù ni ike tí wọ́n ń pè ní pí-fí-sì, nítorí òun náà lè mọ́ gaara bíi pẹ́ẹ̀tì. Iná tí ń yọ́ pẹ́ẹ̀tì, tó tó ìwọ̀n 250, máa ń jó o, ásíìdì á sì jáde lára rẹ̀ tí yóò ba gbogbo èyí tó kù jẹ́. Bí o bá ká a, ojú ibi tó ká máa ń funfun. Omi ò lè yà wọ́n, torí àwọn méjèèjì ló ń rì; ìdérí nìkan ló ń léfòó. Lẹ́yìn náà, ya èyí tó mọ́ gaara kúrò lára aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ búlúù, òun ló ń lówó lórí jù.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀. Ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìlàjì lítà kan ò ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ, 50 ló ń di kílò kan. Àpò ìrẹsì ńlá tó kún fún ike tí a ò tẹ̀ pẹlẹbẹ lè má ju kílò méjì àti díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kó o bẹ́ẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, afẹ́fẹ́ ló ń sanwó ọkọ̀ fún. Kílò 100 jẹ́ ike 5,000. Bí o bá ń yọ ìdérí àti bébà ara ike mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí 28 ni yóò gbà ọ́. Nítorí náà, kí o tó bẹ̀rẹ̀, bi ẹni tí ń rà á bóyá ó ń gbà á pẹ̀lú ìdérí, àti iye tí owó kílò kan fi yàtọ̀. Sọ ìyàtọ̀ yẹn di ìlọ́po 100, kí o pín in sí 28. Bí ohun tí wákàtí kan mú wá ò bá tó owó lébírà, fi ìdérí sílẹ̀ lórí ike.

Àléébù rẹ̀ ni pé oníbàárà kan ṣoṣo lè sọ ọ́ di ẹrú. Bí owó epo rọ̀bì bá já wálẹ̀, ike tuntun á dínwó, wọn ò sì ní fẹ́ ra àlòkù lówó gọbọi mọ́. Gba nọ́ńbà olùrà méjì, ó kéré tán, kí o sì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè owó lọ́wọ́ wọn. Ra òṣùwọ̀n tìrẹ, kí o wọn ẹrù kó tó kúrò nílé. Àwọn kan lára àwọn tí ń ṣa ike máa ń bu omi tàbí iyanrìn sínú ike kó lè wúwo, torí náà dà á nù kí o tó wọn tiwọn.

Ojú ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ rẹlẹ̀, òjò oṣù kẹfà kì í ṣeré. Gbé àpò sórí pákó, má tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná nítòsí rẹ̀.