Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Olólùfẹ́

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Òwe yìí kò gbé gbogbo iṣẹ́ lé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ọrùn ẹni tí ń gbọ́ ni ìdajì wà. Bí olùgbọ́ kò bá mọ àṣà tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde, àbọ̀ ni yóò máa jẹ́ títí. Ibẹ̀ ni wàhálà ògbufọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ìfẹ́, nítorí àwọn èèyàn kan a máa là á mọ́lẹ̀, àwọn mìíràn sì gbà pé bí wọ́n bá là á tán, iyì rẹ̀ ti dín kù.

Àrokò àwọn baba ńlá Yorùbá fi èyí hàn dáadáa. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọge, ẹ̀fà ni ọmọge náà kà, ohun tó sì gbọ́ ni pé ọkàn ẹni tó fi í ránṣẹ́ ń fà sí òun. Bó bá gbà, ẹyọ mẹ́jọ ni yóò fi fèsì: ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ẹni tó bá gbé àrokò yìí lọ sí èdè tí orúkọ mẹ́fà kò ti dún bíi fífà, ẹyọ lásán ni yóò bá lọ́wọ́. Bó bá sì kọ “mo nífẹ̀ẹ́ rẹ” rọ́pò rẹ̀, ìtumọ̀ dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ààbò tó wà nínú àrokò ti lọ. Bí ọmọge kò bá fèsì, ojú kò ti ẹnikẹ́ni, nítorí kò sẹ́ni tó la ẹnu.

Ní Jàpáànù pẹ̀lú, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ṣeré. Gbólóhùn tí ìwé atúmọ̀ èdè ń kọ sí iwájú “mo nífẹ̀ẹ́ rẹ”, ìyẹn “aishiteiru”, wúwo débi pé ọ̀pọ̀ tọkọtaya kì í sábà sọ ọ́ síra wọn. “Suki” ni àwọn ọ̀dọ́ ń lò, ọ̀rọ̀ tí wọ́n tún ń lò fún oúnjẹ tó bá wù wọ́n, wọn kò sì ní láti dárúkọ ẹni tó fẹ́ràn tàbí ẹni tí a fẹ́ràn. Kì í ṣe pé wọn kì í sọ ọ́ rárá o: àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ní àṣà kí ẹnì kan fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ kí ìfẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìtàn kan tó gbajúmọ̀ ní òǹkọ̀wé Natsume Sōseki kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé kí ó fi ẹwà òṣùpá túmọ̀ gbólóhùn ìfẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò sí i nínú ìwé tí Sōseki kọ.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni ti ògbufọ̀ ará Jàpáànù, Futabatei Shimei. Ní 1896, ó tẹ ìtumọ̀ “Asya” jáde, ìtàn tí Ivan Turgenev ará Rọ́ṣíà kọ ní 1858. Nínú yàrá kékeré kan ní ìlú Jámánì létí odò Raini, Asya gbé orí lé àyà ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sọ ìtàn náà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, tí etí fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́: “Vasha”, ìyẹn “tiyín”. Futabatei kò kọ “tiyín”. Ohun tó fi sí Asya lẹ́nu ni pé bí òun bá tilẹ̀ kú, ó tẹ́ òun lọ́rùn.

Futabatei jèrè, ó sì pàdánù. Ohùn obìnrin tó ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀ pátápátá dé etí òǹkàwé Jàpáànù, ṣùgbọ́n ikú wọ ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣe dáadáa ju ẹni tí ì bá kọ “mo nífẹ̀ẹ́ rẹ” lọ, ìyókù ìtàn náà ló sì jẹ́rìí sí i. Láìpẹ́ sí ìgbà yẹn, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá Asya wí, Asya sì sá lọ. Lẹ́tà tó fi sílẹ̀ sọ pé ká ní ọkùnrin náà sọ ọ̀rọ̀ kan péré, òun ì bá dúró. Àbọ̀ ni obìnrin náà sọ. Ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ di odindi ni kò ṣe é. Bí ògbufọ̀ bá ti sọ odindi náà tán lẹ́nu Asya, lẹ́tà náà kò ní í gún ẹnikẹ́ni lọ́kàn mọ́.

Ní èdè Yorùbá, ọ̀nà wà. “Vasha” jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, gẹ́gẹ́ bí “ẹ” ti jẹ́ lẹ́nu Yorùbá, nítorí náà “tiyín ni mí” gbé ìtìjú àti ìjọ̀wọ́-ara-ẹni pọ̀ lọ́nà tí Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò lè gbé e. Ohun tí yóò sọnù ni àmì pé obìnrin ló ń sọ̀rọ̀, ìtàn sì ti sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá ti wá ń bá a wí, “o” ni kí ògbufọ̀ yẹra fún lẹ́nu rẹ̀, nítorí òun náà ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin náà ní èdè Rọ́ṣíà. Kí àwọn méjèèjì máa pe ara wọn ní “ẹ” títí Asya yóò fi bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.