Irin Ni Kí Jórinjórin Kọ́kọ́ Wò

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn jórinjórin ní Apẹtẹ: gééjì 12 ló ń jó gbogbo irin. Àwọn oníbàárà náà ti gbà á gbọ́, owó wọn ló sì ń bá a lọ. Ní àdúgbò tí ilé kíkọ́ kò dáwọ́ dúró, tí oko Ìdó kò sì jìnnà sí, ṣọ́ọ̀bù kan náà ni géètì, tírélà àti irinṣẹ́ àgbẹ̀ ti ń pàdé. Ẹni tó bá fẹ́ jó wọn kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ara páálí ẹlẹ́kitiróòdù. Irin ni kí ó kọ́kọ́ wò.

Gééjì 12, tí ìnípọn rẹ̀ tó mílímítà 2.5, ni E6013 ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹjọ́ lórí rẹ̀ tó bá jẹ́ ti géètì. Páìpù géètì fẹ́lẹ́, irin rírọ̀ ni, iná E6013 kò sì jinlẹ̀ jù débi tí yóò fi lu irin náà ní ihò. Ìdàrọ́ rẹ̀ ń ṣí kúrò wẹ́rẹ́, ojú ibi tí a jó sì ń dán. Ẹni tó ní dandan E7018 ni òun yóò fi jó páìpù fẹ́lẹ́ ń wá wàhálà.

Tírélà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọ̀pá tí kátákátá fi ń fa tírélà nípọn, kòtò ojú ọ̀nà sì ń gbọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Bí a bá fi E6013 kùn ún lórí láìfá etí irin méjèèjì kí iná lè wọlé, òkè nìkan ló dì mọ́ra. Ibi tí ìdàrọ́ há sí nínú rẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ibẹ̀ ni E7018 ti wúlò, torí pé ohun tó jó kì í tètè sán bí ó bá ń gbọ̀n.

Wọ́n á ní E7018 ń lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ̀rọ ni ẹ bi: E7018 ń fẹ́ nǹkan bí fóltì 70 kó tó gbiná dáadáa, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé ládùúgbò kò sì tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ó wọ́n. Tírélà tó já lójú ọ̀nà wọ́n jù ú lọ.

Àmọ́ ìwà àwọn tó ń tà á ló burú jù. Wọ́n á tú páálí E7018, wọ́n á máa tà á ní ẹyọ ẹyọ, tí yóò fi wà níta ní gbogbo ìgbà òjò. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá ẹlẹ́kitiróòdù yìí. Bí ó bá ti rin, háídrójìn inú omi yóò wọ inú irin, irin yóò sì sán. Sísá sóòrùn kò tó o. Ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 350 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, fún wákàtí kan sí méjì, ló lè gbà á là. Ta ló ní irú ààrò bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tó ń tà á? Ọjà tó ti bàjẹ́ ni wọ́n ń gba owó ọjà gidi lé lórí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà bẹ́ẹ̀.

Irinṣẹ́ àgbẹ̀ ló fi hàn jù pé irin ni kí a kọ́kọ́ wò. Ẹ mú dísìkì ìtúlẹ̀ kan tó sán láti ihò àárín. Kí a fi òkúta ìlọrin kàn án: irin rírọ̀ ń ta iná gígùn tí kò ní ẹ̀ka púpọ̀, irin tí kábọ́ọ̀nù pọ̀ nínú rẹ̀ ń ta iná kúkúrú tó pẹ̀ka bí igbó. Dísìkì yóò pẹ̀ka. Bí a bá jó irú irin yìí ní tútù, ìyókù rẹ̀ yóò yára mú ooru kúrò, etí ibi tí a jó yóò le gan-an, kò ní lè tẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn òru ni yóò tó sán, ẹ̀gbẹ́ ibi tí a jó ni yóò sì ti sán, kì í ṣe orí rẹ̀. Àmì tí jórinjórin fi lè mọ̀ pé òun ṣi irin náà mú nìyẹn.

Ohun tó yẹ ni kí a lu ihò kékeré sí ìparí ìlà tó sán kó má baà gùn sí i, kí a fá ìlà náà jinlẹ̀, kí a sì fi iná mú un gbóná títí omi tí a bá ta sí i yóò fi ká gúlúgúlú tí yóò máa sá kiri lórí rẹ̀. Kí a wá fi E7018 gbígbẹ jó o díẹ̀díẹ̀, kí a sì rì í sínú eérú gbígbẹ di ọjọ́ kejì.

Ti àdá tó kán láàárín abẹ yàtọ̀. Iná yóò ba líle ẹnu rẹ̀ jẹ́, ẹlẹ́kitiróòdù kankan kò sì lè dá a padà. Alágbẹ̀dẹ ni kí wọ́n gbé e lọ bá, ẹni tó lè rọ ọ́ tuntun kó sì mú un le.